Ibi Tí Fíìmù Inú Géèmù Ti Ń Dá Páàdì Padà Fún Ẹni Tó Ń Ṣeré

Nínú géèmù tó ní ìtàn, ìgbà kan máa ń wà tí ẹni tó ń ṣeré á gbé ọwọ́ kúrò lórí páàdì, tí á máa wòran. Fíìmù kékeré yẹn kọ́ ló nira láti ṣe. Ìparí rẹ̀, níbi tí a ti fẹ́ dá páàdì padà fún un, ni wàhálà wà.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọbìnrin kan tó sá jáde nínú ilé, tó ń sáré lọ sí géètì. Unity la fi ṣe é, èyí tó ti ní Timeline àti Cinemachine láti ọdún 2017. Lórí Timeline, àkókò ń lọ láti òsì sí ọ̀tún, a sì ń to ìṣesí ènìyàn, ìró àti kámẹ́rà sí ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìṣẹ́jú-àáyá 8 ni fíìmù wa. Kámẹ́rà àkọ́kọ́ wo ilé láti òkèèrè, èkejì wo ojú ọmọ náà, ẹ̀kẹta ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ Cinemachine Shot kan lórí ìlà. Bí èkejì bá bẹ̀rẹ̀ níbi tí àkọ́kọ́ parí sí gẹ́lẹ́, àwòrán á gé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá fà á kó gun orí àkọ́kọ́ díẹ̀, kámẹ́rà á rọra rìn láti ibì kan dé èkejì. Láti òkèèrè sí ojú, gígé ló dára jù lójú tèmi; bí kámẹ́rà bá ní kí òun rìn ín, ó lè gba inú ògiri kọjá.

A fún Shot ìkẹyìn ní Ease Out Duration ìṣẹ́jú-àáyá 1, kó lè yọ́ wọ inú kámẹ́rà eré gan-an. Ẹ̀yìn ọmọ náà ni kámẹ́rà eré máa ń wà, ìdí nìyẹn tí ẹ̀kẹta fi ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ká ní ojú rẹ̀ la fi parí, kámẹ́rà á gba orí rẹ̀ kọjá. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù, ibi tí kámẹ́rà kọjú sí sì ni “iwájú”: bó bá ṣì ń yí, ọmọ á máa sáré ní kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ nígbà tí àtàǹpàkò ń ti ọ̀pá páàdì síwájú gbọnrangandan.

Ó ku ara ọmọ náà. Ìṣesí sísáré rẹ̀ náà ní Ease Out, tó ń fà á lé Animator lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí Animator bá rò pé ó dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dákẹ́ lójijì, ara á sì máa yọ̀ lórí ilẹ̀. Nítorí náà, kí ìyọ́ yẹn tó bẹ̀rẹ̀, a fi Signal sọ fún un pé sísáré ló ń sá:

```csharp
animator.SetFloat("Speed", 5f);
```

Bí fíìmù bá parí, a tan ìdarí:

```csharp
director.stopped += d => idari.enabled = true;
```

Kí fíìmù tó parí, ẹ ti ọ̀pá páàdì síwájú kí ẹ sì dì í mú. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ni kí ẹ wò, kì í ṣe ojú rẹ̀: bó bá yọ̀ tàbí tó ta kọsẹ̀, ẹ padà sórí Timeline.