Èló ló máa dé Kútọnu? Bí ẹ ṣe lè to àfiwéra owó tí ojú fóònù kékeré kò ní gé kúrò

Fún ẹni tó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ láti Libreville, olú ìlú Gabon, sí Kútọnu, ìbéèrè kan péré ló ṣe pàtàkì jù: èló ló máa dé ọwọ́ ẹni tó wà nílé? Ṣùgbọ́n bí àtẹ tí wọ́n fi ṣe àfiwéra bá fẹ̀ ju ojú fóònù lọ, ìdáhùn sí ìbéèrè yìí gan-an ló sábà máa ń bọ́ sí apá tí ojú kò rí.

Ká ní oníṣòwò Yorùbá kan ní ọjà Mont-Bouët ní 200,000 sẹfà lọ́wọ́, tó sì fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀: A, B àti D. Àpèjúwe lásán ni, iye tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kankan.

Ọ̀nà A ń yọ 8,000 gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́, sẹfà 1 ní Libreville sì jẹ́ sẹfà 1 ní Kútọnu. Ọ̀nà B ń yọ 2,000 péré, ṣùgbọ́n sẹfà 1 ti Libreville di 0.96 tó bá dé Kútọnu. Ọ̀nà D kò gba owó iṣẹ́ kankan, ṣùgbọ́n 0.95 ni sẹfà 1 máa dà.

Bí ẹnìkan bá to èyí sínú àtẹ olópòó mẹ́rin, bí wọ́n ṣe sábà máa ń tò ó nìyí: orúkọ ọ̀nà náà, owó iṣẹ́, iye pàṣípààrọ̀, lẹ́yìn náà ni iye tí olùgbà máa rí. Lórí kọ̀ǹpútà, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n lójú fóònù, òpó méjì àkọ́kọ́ nìkan ló lè hàn dáadáa: A, 8,000, B, 2,000, D, òdo. Ta ni kò ní mú D?

Iye tó wà ní òpó ìkẹyìn, tí èèyàn gbọ́dọ̀ fi ìka fa àtẹ náà kó tó rí i, ni pé A máa san 192,000 fún ìyá náà, B máa san 190,080, D máa san 190,000. Ọ̀nà tó ní òun kò gba kọ́bọ̀ ló burú jù. Ìyá náà pàdánù 2,000 nítorí bí wọ́n ṣe to òpó àtẹ.

Ṣé sẹfà kì í ṣe sẹfà ni?

Ìdí tí irú àfiwéra yìí fi ń da àwọn èèyàn láàmú ni pé sẹfà méjì ló wà, iye wọn sì dọ́gba lórí ìwé. Sẹfà tí wọ́n ń ná ní Gabon, tí àmì rẹ̀ ń jẹ́ XAF, wá láti ọ̀dọ̀ BEAC, ilé ìfowópamọ́ àgbà tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Yaoundé, ní Cameroon. Èyí tí wọ́n ń ná ní Benin àti Togo, XOF, wá láti ọ̀dọ̀ BCEAO tó wà ní Dakar. Láti ọdún 1999 ni wọ́n ti so àwọn méjèèjì mọ́ owó yúrò, ní iye kan náà.

Síbẹ̀, ẹ kò lè fi owó Libreville ra ẹ̀wà ní ọjà Dantokpa. Láti ọdún 1993 ni àwọn ilé ìfowópamọ́ àgbà méjèèjì ti dáwọ́ ríra owó bébà ara wọn padà dúró. Ẹni tó bá máa pààrọ̀ rẹ̀ máa sanwó fún un, yálà nínú owó iṣẹ́ tàbí nínú iye pàṣípààrọ̀. Nítorí náà, àtẹ tó bá fi owó iṣẹ́ nìkan hàn ń sọ ìdajì ọ̀rọ̀ ni.

Báwo ni ojú fóònù ṣe kéré tó?

Ọ̀pọ̀ fóònù tó wà lọ́wọ́ aráàlú kò lè gbà ju nǹkan bí ogójì lẹ́tà lọ lórí ìlà kan, tí ẹ bá dì í mú lóròó tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì tóbi tó láti kà. Ẹ pín in sí òpó mẹ́rin, kí ẹ yọ àlàfo tó wà láàárín wọn: lẹ́tà mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ló kù fún òpó kọ̀ọ̀kan. "Owó iṣẹ́" máa wọ ibẹ̀. "Iye tí olùgbà máa rí" kò lè wọ̀ ọ́ láì já sí ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Nígbà náà, ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta ló máa ṣẹlẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ á máa já lura wọn títí àtẹ náà á fi gùn bí okùn kànga, tàbí kí lẹ́tà kéré títí ojú á fi máa ro èèyàn, tàbí kí òpó tó wà lápá ọ̀tún sá pamọ́. Ẹ̀kẹta yìí ló léwu jù, torí pé òǹkàwé kò mọ̀ pé ohun kan ń bẹ tí òun kò tíì rí.

Àjọ W3C, tó ń ṣe ìlànà fún àwọn ojú òpó ayélujára, sọ nínú ìlànà tó gbé jáde lọ́dún 2018 pé kò yẹ kí òǹkàwé máa fa ojú ìwé sọ́tùn-ún sósì, kó tún máa fà á sókè sódò, kó tó lè kà á lórí ojú fóònù tóóró. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ àtẹ sílẹ̀ nínú òfin náà, torí pé àwọn àtẹ kan wà tí kò ní ìtumọ̀ mọ́ tí ẹ bá tú wọn ká. Ìyẹn ni pé àtẹ tó ń sá pamọ́ kò rú òfin, síbẹ̀ òǹkàwé kò rí ohun tó ń wá.

Òpó méjì, kí ìdáhùn sì ṣáájú

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ ṣe ni kí ẹ wo ohun tó jọra ní gbogbo ìlà, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àtẹ. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bẹ̀rẹ̀ láti 200,000, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì wo iye pàṣípààrọ̀ wọn. Kò sídìí tí èyí fi yẹ kó ní òpó tirẹ̀. Òkè àtẹ ni kí ẹ kọ ọ́ sí, lẹ́ẹ̀kan péré.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín pé kí ni òǹkàwé fẹ́ fi pinnu. Ìyẹn nìkan ni kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ, kí ẹ sì tò ó láti orí èyí tó pọ̀ jù dé èyí tó kéré jù:

| Ọ̀nà | Olùgbà máa rí |
|---|---|
| A | 192,000 |
| B | 190,080 |
| D | 190,000 |

Èyí wọ ojú fóònù èyíkéyìí. Àtẹ dára fún irú èyí torí pé nọ́ńbà wà lábẹ́ nọ́ńbà, ojú á sì fi wọ́n wéra fúnra rẹ̀.

Àlàyé bí iye náà ṣe jẹ́ lè wá tẹ̀lé e nínú àkójọ alámì, ìyẹn àwọn ìlà kúkúrú tí àmì kékeré kan ṣáájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn:

- A: owó iṣẹ́ 8,000, sẹfà 1 di 1
- B: owó iṣẹ́ 2,000, sẹfà 1 di 0.96
- D: owó iṣẹ́ 0, sẹfà 1 di 0.95

Ẹ kíyèsi pé ètò kan náà ni ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀lé: owó iṣẹ́ ló kọ́kọ́ wá, pàṣípààrọ̀ tẹ̀lé e. Bí ìlà kan bá bẹ̀rẹ̀ láti orí pàṣípààrọ̀, òǹkàwé máa ní láti tún gbogbo rẹ̀ kà. Àbùkù àkójọ alámì ni pé orí ni òǹkàwé fi ń rántí ohun tó ti kà kọjá. Tí àlàyé A bá gùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi kún ojú fóònù, á ti gbàgbé rẹ̀ kó tó dé D. Nítorí náà, ó yẹ kí gbogbo ohun tí ẹ ń fi wéra lè hàn pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Níbi tí àtẹ olópòó méjì náà ti ń kọsẹ̀

Àfiwéra sẹfà méjèèjì jẹ́ àpẹẹrẹ rere. Àmì wọn, XAF àti XOF, wọ inú àtẹ wẹ́rẹ́. Orúkọ ilé ìfowópamọ́ àgbà àti ìlú tó wà náà wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n tó bá kan orílẹ̀-èdè tó ń ná wọn, mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ kan, mẹ́jọ lọ́wọ́ kejì. Orúkọ bíi Guinea-Bissau àti Côte d'Ivoire máa já sí wẹ́wẹ́ nínú àpótí tóóró, àpótí kejì á sì ṣófo nísàlẹ̀. Nọ́ńbà nìkan ni kí ẹ fi sínú àtẹ, ìyẹn 6 àti 8, kí orúkọ wá sábẹ́ rẹ̀:

- XAF: Cameroon, Central African Republic, Chad, Congo-Brazzaville, Equatorial Guinea, Gabon
- XOF: Benin, Burkina Faso, Côte d'Ivoire, Guinea-Bissau, Mali, Niger, Senegal, Togo

Ewu mìíràn wà tó jẹ́ ti Libreville gan-an. Bí Faransé ṣe ń kọ nọ́ńbà ni wọ́n ń kọ ọ́ níbẹ̀. Yúrò kan jẹ́ sẹfà 655.957 lójú ẹni tó kàwé ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n 655,957 ni wọ́n máa kọ ọ́ sí ní Libreville. Ẹni tó ti Nàìjíríà wá lè kà á sí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 655. Bákan náà, àlàfo ni wọ́n fi ń pín ẹgbẹ̀rún: 190 080. Nínú òpó tóóró, fóònù lè gé e níbi àlàfo náà, kí 190 wà lókè, kí 080 bọ́ sí ìlà kejì bí ẹni pé nọ́ńbà mìíràn ni. Ẹ mú ọ̀nà ìkọ̀wé kan, kí ẹ sọ ọ́ lókè àtẹ.

Tó bá jẹ́ orí WhatsApp ńkọ́?

WhatsApp kò ní àtẹ. Àwọn kan máa ń fi àlàfo to nọ́ńbà títí wọ́n á fi gún régé, ṣùgbọ́n fífẹ̀ lẹ́tà kò dọ́gba, "m" fẹ̀ ju "i" lọ. Ohun tó gún lórí fóònù yín máa wọ́ lórí ti ẹlòmíràn. Àwọn mìíràn máa ń ya àwòrán àtẹ ránṣẹ́. Àwòrán náà máa sún kì láti wọ ojú fóònù, kì í sábà rọrùn láti da nọ́ńbà inú rẹ̀ kọ, ẹ̀rọ tó ń kàwé fún afọ́jú kò sì sábà rí nǹkan kà níbẹ̀.

Láti oṣù Kejì ọdún 2024 ni WhatsApp ti gba àkójọ alámì. Ẹ tẹ àmì `-`, ẹ fi àlàfo kan sí i, kí ẹ wá kọ ọ̀rọ̀ yín:

```
*200,000 XAF, Libreville sí Kútọnu*
- A: 192,000 XOF
- B: 190,080 XOF
- D: 190,000 XOF
```

Àmì ìràwọ̀ méjì tó wà ní ìlà àkọ́kọ́ máa mú àkọlé náà dúdú.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ ṣí i lórí fóònù tó kéré jù nínú ilé, kí ẹ sì mú lẹ́tà rẹ̀ tóbi díẹ̀ bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe. Ẹ gbé e fún ẹnìkan tí kò mọ ohun tí ẹ ṣe, kí ẹ bi í pé ọ̀nà wo ló máa mú owó púpọ̀ jù dé ilé. Bó bá ń fi ìka fa ojú fóònù káàkiri kó tó dáhùn, òpó ṣì pọ̀ jù nínú àtẹ yín. Bó bá dáhùn kíá ṣùgbọ́n tó ṣì í, òpó tó kọ́kọ́ rí ló tàn án jẹ.