Ìdáhùn Mẹ́rin Tí Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ilé Lè Yẹ̀ Wò

Alágbàtà kan polówó fúláàtì oníyàrá méjì ní àjà kejì ilé kan ní Lẹ́kí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, obìnrin kan ti kọ̀wé sí i láti Lọ́ńdọ̀nù: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ìwé rẹ̀ pé? Èló ni sáfíìsì ṣáàjì? Ṣé omi kì í kún ibẹ̀? Báwo ni àdúgbò náà ṣe rí?”

Èsì tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbà kò gùn: “Ìwé pé, sáfíìsì ṣáàjì kò wọ́n, omi kì í kún, àdúgbò tutù.” Ó lè jẹ́ òótọ́ látòkèdélẹ̀. Àlébù rẹ̀ ni pé kò sí ohun tí obìnrin náà lè dì mú níbẹ̀, kó ní kí àbúrò òun tàbí lọ́yà òun bá òun lọ wádìí. Èsì tó wúlò ni èyí tó sọ ohun tó wà nílẹ̀, tó sì sọ ibi tí a ti lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jẹ́ ká fi fúláàtì yìí ṣe àpẹẹrẹ, ká mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí àpẹẹrẹ ni àwọn iye owó tí a óò dárúkọ.

Ìwé ilẹ̀ ló ṣáájú. “Ìwé pé” kò tíì sọ irú ìwé tó jẹ́. Láti ìgbà tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti dé ní 1978, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà. Ohun tí sí-ọfù-ò, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀, ń fún ènìyàn ni àǹfààní láti lo ilẹ̀ fún iye ọdún kan, ọdún 99 ló sì sábà máa ń jẹ́. Ká ní 2006 ni ọdún náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà lórí ilẹ̀ ilé yìí, 2105 ni yóò parí. Ẹni tó bá ra fúláàtì náà ní 2026, ọdún 79 tó kù ló rà.

Ohun kejì ni pé sí-ọfù-ò kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo ilẹ̀ náà, fúláàtì 12 ló sì wà lórí rẹ̀. Orúkọ ẹni tó kọ́lé ló wà lára ìwé yẹn. Ìwé tí lọ́yà máa ṣe fún ẹni tó ra fúláàtì kan yàtọ̀ sí i, ìwé náà sì gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda gómìnà, nítorí òfin 1978 yẹn sọ pé ẹni tó ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn láìgba ìyọ̀ǹda. Nítorí náà, ẹni tó ń ta fúláàtì yìí lónìí, ṣé òun fúnra rẹ̀ gba ìyọ̀ǹda nígbà tó rà á? Ọ̀pọ̀ ilé ló há síbi yìí. Bí alágbàtà bá ní “ìwé ń lọ lọ́wọ́,” kó sọ ibi tó dé, kó sì fi rìsíìtì owó tí wọ́n ti san fún ìjọba hàn.

Ibi àyẹ̀wò méjì ni yóò kọ sínú èsì rẹ̀, méjèèjì sì wà ní Aláùsá, Ìkẹjà. Ní ibi ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀, nọ́ńbà tó wà lára ìwé ni lọ́yà yóò fi wá a jáde, yóò sì rí orúkọ ẹni tó ni ín àti bóyá báǹkì ti gbẹ́sẹ̀ lé e nítorí gbèsè. Ní ọ́fíìsì ọ̀gá àwọn sọ̀fíò ìpínlẹ̀, wọn yóò gbé sọ́fè ilẹ̀ náà sórí máàpù ìjọba, láti mọ̀ bóyá ó bọ́ sínú ilẹ̀ tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ tirẹ̀.

Sáfíìsì ṣáàjì ló kàn. Ká ní ₦1,800,000 ni fúláàtì kọ̀ọ̀kan ń san lọ́dún. Ìlọ́po 12 rẹ̀ jẹ́ ₦21,600,000. Bí jẹnẹrétọ̀ ilé náà bá ń mu lítà dísù 10 ní wákàtí kan, tí wọ́n ń tàn án fún wákàtí márùn-ún lójúmọ́, lítà 1,500 ni lóṣù. Tí lítà kan bá jẹ́ ₦1,000, ₦18,000,000 ti bá dísù lọ lọ́dún. Ohun tó kù fún oṣù kan kò ju ₦300,000 lọ. Ẹ san ₦100,000 fún ẹ̀ṣọ́ ọ̀sán, ẹ san iye kan náà fún ti òru. ₦100,000 ló ṣẹ́ kù fún ìmọ́tótó, kíkó ìdọ̀tí àti ẹ̀rọ omi. Kò sí kọ́bọ̀ nílẹ̀ fún ọjọ́ tí jẹnẹrétọ̀ bá kọṣẹ́. Ẹni tó bá ṣe ìṣirò yìí ti mọ̀ pé owó náà yóò lé sí i tàbí kí wákàtí iná dín kù.

Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí alágbàtà dárúkọ iye owó nìkan. Kó sọ ohun tó kárí, wákàtí iná tó wà nínú rẹ̀, àti ìgbà tí wọ́n fi kún un kẹ́yìn. Kó tún gba ìwé lọ́wọ́ alábòójútó ilé pé ẹni tó ń tà á kò jẹ gbèsè, torí ẹni tuntun ni wọ́n máa ń já iná rẹ̀ bí gbèsè bá wà.

Ní ti omi, àárín ọ̀sà àti òkun ni Lẹ́kí wà, ilẹ̀ rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Bí òjò ńlá bá rọ̀ nígbà tí omi ọ̀sà ga, gọ́tà kì í rí ibi tú omi sí. Ẹni tó bá ní “omi kì í kún” ti kó gbogbo ọ̀rọ̀ pọ̀, nítorí ọ̀tọ̀ ni kí omi dúró lójú títì, ọ̀tọ̀ ni kó wọ ọgbà, ọ̀tọ̀ ni kó wọlé. Àjà kejì kò ní rí omi nínú yàrá, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni mọ́tò, jẹnẹrétọ̀ àti ṣọkawéè wà. Kí alágbàtà sọ ibi tí omi dé àti wákàtí tó lò kó tó fà. Kó ya fídíò lọ́jọ́ òjò, ní oṣù kẹfà tàbí ìkeje, tàbí ní ìkẹsàn-án sí ìkẹwàá. Àyẹ̀wò oṣù kìíní kò fi nǹkan kan hàn. Bí òjò kò bá sí, kí ẹni tó lọ wò ó wá ìlà àbàwọ́n lára ògiri ọgbà, kó wò bóyá àwọn ará ìsàlẹ̀ mọ bíríkì dí ẹnu ọ̀nà, kó sì bi ìyá tó ń ta ọjà ní ìkóríta.

Àdúgbò ni ìbéèrè ìkẹyìn. “Ó tutù” kò ní òṣùwọ̀n. Ohun tó ṣeé wọ̀n ni ìṣẹ́jú láti ẹnu géètì dé títì ńlá ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé, aago tí wọ́n ń ti géètì, àti ibi tí gbohùngbohùn tàbí ilé ìgbafẹ́ tó sún mọ́ jù wà. Bí wọ́n bá béèrè ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn àwọn tó ń gbé ibẹ̀, kí alágbàtà má fi ìyẹn polówó ọjà.

Èsì sí Lọ́ńdọ̀nù lè wá rí báyìí:

“Ẹ kú alẹ́ mà. Sí-ọfù-ò wà lórí gbogbo ilẹ̀ náà láti 2006. Ẹni tó ń tà á ti gba ìyọ̀ǹda gómìnà lórí fúláàtì tirẹ̀. Mo fi ẹ̀dà rẹ̀ àti sọ́fè ránṣẹ́ kí lọ́yà yín lè yẹ̀ wọ́n wò ní Aláùsá. ₦1,800,000 ni sáfíìsì ṣáàjì, iná wákàtí márùn-ún wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí owó ìpamọ́ fún àtúnṣe. Lóṣù keje tó kọjá, omi dé orúnkún lójú títì, ó wọ ọgbà díẹ̀, ó sì fà lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin. Fídíò rẹ̀ nìyí. Ìṣẹ́jú 25 ni láti géètì dé títì ńlá ní àárọ̀ Ajé. Ẹ rán ẹni yín wá wò ó, ẹ má jẹ́ kó dúró dé ẹ̀ẹ̀rùn.”

Èsì yìí lè mú kí obìnrin náà béèrè pé kí wọ́n dín owó kù nítorí omi ojú títì yẹn. Ìdúnàádúrà nìyẹn, kò sì burú. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn tó ti sanwó tán ni omi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ mọ́tò rẹ̀, ọ̀dọ̀ lọ́yà ni ọ̀rọ̀ yóò gbà lọ.