Ìṣẹ́jú Méjìlá Tó Sọnù Nínú Fídíò

Ní aago 5 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbé fóònù mi ka orí òpó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó kọjú sí oríta kan n'Ìbàdàn. Mo fẹ́ mọ iye ọkọ̀ tó máa ń tò sẹ́yìn iná tó ń darí ọkọ̀, àti àkókò tí ìlà náà máa ń gùn jù. Mo na aago ọwọ́ mi síwájú fóònù fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, kí n lè rí ẹ̀rí àkókò tí mo bẹ̀rẹ̀, mo sì fi í sílẹ̀ kó máa ká fídíò títí di aago 7 gééré.

Ta ló máa jókòó ti fídíò wákàtí méjì, kó máa ka Máíkírà àti ọkọ̀ akérò bí wọ́n ṣe ń tò? Ojú á pòòyì. Ohun tó rọrùn ni pé ká yọ fọ́tò kan jáde nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá, ká wá máa ka ọkọ̀ inú fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Wákàtí méjì jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 7,200, nítorí náà fọ́tò 720 ló yẹ kí n rí.

Irinṣẹ́ tí mo lò ni FFmpeg. Ọ̀fẹ́ ni. Fabrice Bellard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2000, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti ń tún un ṣe láti ìgbà náà. Kò ní bọ́tìnì tí ẹ ó máa tẹ̀; ńṣe ni ẹ máa kọ àṣẹ fún un, òun náà á sì ṣe ohun tí ẹ kọ, kì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn yín. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe.

Fídíò kì í ṣe nǹkan mìíràn ju fọ́tò tó ń tẹ̀lé ara wọn kíákíá lọ. Fóònù mi máa ń ya 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo wá rò ó pé tí mo bá ń mú ọ̀kan nínú 300, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá ni mò ń mú un yẹn. Mo kọ àṣẹ yìí:

```
ffmpeg -i orita.mp4 -vf "select='not(mod(n,300))'" -fps_mode vfr foto/%04d.jpg
```

Ó ṣiṣẹ́, kò bá mi jà rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo inú fódà, fọ́tò 648 ni mo bá, kì í ṣe 720. Mo tún wá ṣí èyí tó kẹ́yìn. Bí mo bá ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan, aago 6 kọjá ìṣẹ́jú 48 ló yẹ kí tìkẹ́yìn jẹ́. Bẹ́ẹ̀ aago 7 ni mo pa fóònù náà, mo wà níbẹ̀. Ìṣẹ́jú méjìlá ti wọlẹ̀.

Òjò tó ń ṣú ló fà á. Ní bí aago 6, ojú ọ̀run dúdú, fóònù náà sì dín iye fọ́tò tó ń yà kù sí 24 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ìmọ́lẹ̀ lè ráyè wọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan dáadáa. Ọ̀pọ̀ fóònù ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà lọ, 300 fọ́tò kì í ṣe ìṣẹ́jú àáyá 10 mọ́, ó ti di 12 àbọ̀. Wákàtí àkọ́kọ́ fún mi ní 360 bó ṣe yẹ, èkejì fún mi ní 288 péré. Ohun tó burú jù ni pé ìlà ọkọ̀ tó gùn jù, tí mo ti kọ sínú ìwé pé aago 6 kọjá ìṣẹ́jú 24 ni, aago 6 àbọ̀ ló jẹ́ ní tòótọ́. Ká ní mo ti gbé e fún ẹni tó fẹ́ mọ ìgbà tó yẹ kí wárdà wá dúró ní oríta náà, mo ti ṣì í lọ́nà.

Ẹ má ṣe ka fọ́tò, aago ni kí ẹ kà. Gbogbo fọ́tò inú fídíò ló ní àkókò tirẹ̀ tí fóònù kọ mọ́ ọn, FFmpeg sì lè tẹ̀lé àkókò yẹn:

```
ffmpeg -i orita.mp4 -vf "fps=1/10" -q:v 2 foto/%04d.jpg
```

`1/10` ń sọ pé fọ́tò kan fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú kan-kan lẹ fẹ́, `1/60` ni ẹ máa kọ. `-q:v 2` kì í jẹ́ kí fọ́tò ṣú bàìbàì, torí bí a kò bá kọ ọ́, FFmpeg máa ń fún fọ́tò pọ̀ débi pé ẹ lè má dá Máíkírà tó wà lọ́ọ̀ọ́kán mọ̀. `%04d` ló ń fi nọ́ńbà oní-dígíìtì mẹ́rin sọ wọ́n lórúkọ, kí wọ́n lè tò tẹ̀léra. Fódà `foto` gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí FFmpeg kò ní dá a fún yín.

Lọ́tẹ̀ yìí, 720 ni mo rí. Inú mi dùn, mo ṣí fọ́tò àkọ́kọ́ láti wo aago ọwọ́ mi. Kò sí níbẹ̀! Oríta nìkan ni mo rí, ọkọ̀ sì ti ń lọ.

Ìdí rẹ̀ ni pé `fps` kì í mú ìbẹ̀rẹ̀ àlàfo kọ̀ọ̀kan bí a kò bá sọ fún un. Àárín rẹ̀ ló máa ń mú. Fọ́tò àkọ́kọ́ wá láti nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá karùn-ún, èkejì láti nǹkan bí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Aago mi kò sì wà lójú fóònù ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ. Tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú kan-kan ni mò ń mú ni, ìdajì ìṣẹ́jú ni màá fi ṣì í. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló yanjú rẹ̀:

```
ffmpeg -i orita.mp4 -vf "fps=1/10:round=up" -q:v 2 foto/%04d.jpg
```

Fọ́tò `0001.jpg` wá gbé aago mi jáde, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí 5 gan-an. Láti ibẹ̀, ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú nọ́ńbà fọ́tò, ẹ fi mẹ́wàá sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó sì mọ iye ìṣẹ́jú àáyá tó ti kọjá. `0541.jpg` jẹ́ 5,400, ìyẹn aago 6 àbọ̀ gééré, ibẹ̀ ni ìlà ọkọ̀ náà sì gùn dé jù.

Nǹkan kan wà tí ọ̀nà yìí kò lè ṣe. Ọkọ̀ tó bá sáré kọjá oríta ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin lè bọ́ sáàárín fọ́tò méjì, a ò ní rí i. Nítorí náà, ọkọ̀ tó dúró ni a lè kà báyìí, kì í ṣe iye tó kọjá. Àlàfo tí a yàn náà gba ìrònú. Bí iná oríta bá ń yí po ní ìṣẹ́jú kan-kan, tí ẹ̀yin náà sì ń mú fọ́tò ní ìṣẹ́jú kan-kan, gbogbo fọ́tò yín lè bọ́ sórí iná pupa. Ẹ ó wá rò pé ọkọ̀ kì í rìn ní oríta náà.

Tí ẹ bá fẹ́ ká fídíò tí ẹ máa yọ fọ́tò nínú rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ na aago síwájú fóònù nígbà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tún nà án nígbà tí ẹ bá fẹ́ pa á, kí ó pẹ́ ju àlàfo fọ́tò yín lọ nígbà méjèèjì. Ẹ wo fọ́tò àkọ́kọ́ àti tìkẹ́yìn kí ẹ tó ka ọkọ̀ kankan.