Náírà Mẹ́ta Kì í Ṣe Ẹgbẹ́ Náírà Mẹ́ta

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1986, ìjọba Ibrahim Babangida bẹ̀rẹ̀ sí í ta dọ́là ní ọjà tuntun kan tí gbogbo ayé mọ̀ sí SFEM. Kó tó di ọjọ́ náà, nǹkan bíi náírà kan àtàbọ̀ ni wọ́n ń gba dọ́là kan. Nígbà tí wọ́n parí títà àkọ́kọ́, ó ti di náírà mẹ́rin àti kọ́bọ̀ 62. Bíi náírà mẹ́ta péré ló fi gbé owó lórí. Ní ọdún 2025, tí dọ́là kan wà ní àyíká 1,500 náírà, ó lè fi náírà mẹ́ta gòkè láàárọ̀, kó fi náírà mẹ́ta já wálẹ̀ lọ́sàn-án, kí ẹnikẹ́ni má sì kà á sí.

Náírà mẹ́ta ti 1986 sọ iye dọ́là di ìlọ́po mẹ́ta lójú ẹsẹ̀. Náírà mẹ́ta ti 2025 kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Orí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni irinṣẹ́ méjì tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nípa ọjà máa ń bá lórí fóònù rẹ̀ ti yà síra. Ọ̀kan ń jẹ́ Momentum, èkejì ń jẹ́ ROC. Àwọn méjèèjì ló ń wọn bí iye nǹkan ṣe ń yára sí. Iye òní àti iye àtẹ̀yìnwá kan náà ni wọ́n ń lò, àbọ̀ tí wọ́n ń jẹ́ ni kò dọ́gba.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò wọn kò le. Ẹ jẹ́ kí C dúró fún iye tí wọ́n fi pa ọjà dé lónìí, kí Cn sì dúró fún iye tí wọ́n fi pa á dé ní iye ọjọ́ tí a bá yàn sẹ́yìn. Ọjọ́ tí ọjà ṣí nìkan là ń kà. A kì í ka Sátidé àti Sọ́ńdè mọ́ ọn.

```
Momentum = C - Cn
ROC = (C - Cn) / Cn * 100
```

Momentum yọ iye àtijọ́ kúrò lára iye òní, ó parí síbẹ̀. Náírà ni èsì rẹ̀ máa jẹ́ tó bá jẹ́ náírà la fi ń tajà. ROC ò dúró síbẹ̀. Ó tún gbé ìyàtọ̀ náà lé orí iye àtijọ́, ó ń béèrè pé ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni. Lójú àwọn méjèèjì, òdo ni pé iye kò kúrò níbi tó wà. Òkè òdo túmọ̀ sí pé ó ti wọ́n sí i, ìsàlẹ̀ òdo sì túmọ̀ sí pé ó ti já wálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dọ́là náà ló tún máa fi hàn wá bí irinṣẹ́ méjèèjì ṣe ń ṣi ara wọn lẹ́sẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ fi náírà sílẹ̀ kí ọjà fúnra rẹ̀ dá iye lé e, dọ́là fò láti nǹkan bíi 471 náírà sí 664 ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ní ìparí oṣù Kìíní ọdún 2024, ó tún fò lọ́jọ́ kan, láti nǹkan bíi 1,349 sí 1,483. Momentum ọlọ́jọ́ kan máa kọ 193 fún ti àkọ́kọ́, á sì kọ 134 fún èkejì, bíi pé èkejì ju ìdajì àkọ́kọ́ lọ. ROC kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún ló kọ fún ti 2023, ìdá mẹ́wàá ló kọ fún ti 2024. Ẹni tó fẹ́ mọ ọjọ́ tí ọjà gbóná jù kò ní rí i mọ́ bí òun bá fi náírà lásán wọ̀n ọ́n.

Kí a má tíì kúrò ní ti 2023 yẹn. Ìdá 41 ni dọ́là fi wọ́n, àmọ́ náírà kò tìtorí bẹ́ẹ̀ pàdánù ìdá 41. Ẹgbẹ̀rún náírà tó ń ra dọ́là méjì àti sẹ́ǹtì 12 tẹ́lẹ̀ wá di èyí tó ń ra dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 51, ìdá 29 ló sì fi dín kù. Ọjọ́ kan náà, ọjà kan náà, àmọ́ iye tí a fi ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí òṣùwọ̀n ROC kò fi gùn dọ́gba lọ́tùn-ún lósì. Nísàlẹ̀, kò lè kọjá ìdá ọgọ́rùn-ún, torí iye dọ́là tàbí ìpín kò lè já wálẹ̀ kọjá òdo. Lókè, kò ní òpin. Ohun tó bá já wálẹ̀ ní ìdá 50 gbọ́dọ̀ gòkè ní ìdá 100 kó tó padà síbi tó wà.

Tí a bá wá wọ ọjà ìpín ìdókòwò Nàìjíríà, NGX, ìyàtọ̀ yìí á di ọ̀rọ̀ owó gidi. Ní ọdún 2025, ìpín Airtel Africa ń lọ ní iye tó ju 2,000 náírà lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìpín mìíràn wà níbẹ̀ tí kò ju náírà méjì tàbí mẹ́ta. Kí a sọ pé ìpín olówó ńlá kan ti 2,100 lọ sí 2,120 láàárín ọjọ́ mélòó kan, tí ìpín olówó kékeré kan sì ti náírà méjì lọ sí náírà méjì àti ogún kọ́bọ̀. Momentum kọ 20 fún ti àkọ́kọ́, ó kọ 0.20 fún èkejì. Ẹni tó bá wo ìyẹn nìkan á rò pé àkọ́kọ́ ló ń sáré. Àmọ́ ẹni tó kó 100,000 náírà sínú ìpín olówó ńlá yẹn jèrè bíi 950 náírà, nígbà tí ẹni tó kó iye kan náà sínú ìpín kékeré jèrè 10,000. ROC ló mọ èyí, torí ó kọ ìdá kan ó dín díẹ̀ fún àkọ́kọ́, ó sì kọ ìdá mẹ́wàá fún èkejì. Bí ohun tí ẹ ń wò bá ti ju ẹyọ kan lọ, tàbí tí ẹ bá ń fi ọdún yìí wé ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ẹ gbé Momentum tì.

Ṣé Momentum ò wúlò ni? Ó wúlò. Ẹni tó ń ṣọ́ ìpín kan ṣoṣo láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó sì ti pinnu pé bí ó bá fi náírà méjì já òun á tà, náírà ló ń rò lọ́kàn. Kò sí ìdí tí yóò fi máa yí i sí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Láàárín àsìkò kúkúrú bẹ́ẹ̀, ìlà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra lójú.

Ibi tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ti máa ń kó sí wàhálà ni kíka ìlà náà, irinṣẹ́ yòówù kí wọ́n yàn. Ẹ wo ìpín kan tó parí ọjọ́ mẹ́fà ní 30, 33, 36, 38, 39 àti 39.50. Kò sí ọjọ́ kan tó já wálẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wá fi ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ṣírò Momentum rẹ̀: ọjọ́ kẹrin jẹ́ 8, ọjọ́ karùn-ún jẹ́ 6, ọjọ́ kẹfà jẹ́ 3.50. ROC náà já láti bíi 27 sí 18, ó bọ́ sí nǹkan bíi 10. Ìlà ń wálẹ̀, iye ń gòkè. Dánfó tó dẹ eré kò tíì yí padà sẹ́yìn. Iwájú náà ló ṣì ń lọ. Bí ìlà bá ń sún mọ́ òdo láti òkè, ohun tó ń sọ ni pé àwọn tó ń rà kò fi taratara rà mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìgbà tó bá sọdá òdo ni iye òní tó kéré sí ti ọjọ́ tí a fi wé e. Ọ̀pọ̀ ìpín ló ti dẹ eré báyìí, tó sì tún ki eré mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, tí ẹni tó sáré tà sì ń wò ó lẹ́yìn.

Èyí tó tún burú jù ni ìlà tó ń mì láìjẹ́ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lónìí. Ìpín kan wà ní 20 náírà lọ́jọ́ kìíní àti ọjọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, ẹnì kan tó nílò owó kíákíá tà á bọ́ sí 18.50. Lọ́jọ́ kẹrin, ó padà sí 20, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́ títí di ọjọ́ kẹsàn-án. Ẹ fi ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn wọ̀n ọ́n. Ọjọ́ kẹfà, òdo. Ọjọ́ keje, òdo. Lọ́jọ́ kẹjọ, Momentum ṣàdédé fò sí 1.50, ROC sí ìdá mẹ́jọ. Ọjọ́ kẹsàn-án, òdo padà. Kò sẹ́ni tó ra ohunkóhun lọ́jọ́ kẹjọ náà. Ọjọ́ kẹta tí ìpín náà bọ́ sílẹ̀ ni ìṣirò ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Nítorí náà, bí ìlà bá fò, ẹ kọ́kọ́ padà lọ wo iye ọjọ́ tí wọ́n fi wé òní. Bí ọjọ́ yẹn bá jẹ́ ọjọ́ àràmàǹdà, ariwo àtijọ́ lẹ̀ ń gbọ́.

Òdo náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀ lọ́jà wa. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló wà ní 2024 àti 2025 tí iye Airtel Africa ò fi yí lórí NGX rárá. ROC rẹ̀ á kàn máa kọ òdo. Ẹni tí kò bá wo iye ìpín tó pààrọ̀ ọwọ́ lójúmọ́ á rò pé ọjà fara balẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé àwọn olùtajà àti olùrà ni kò pọ̀. Òfin NGX tún wà níbẹ̀ pé ìpín kò gbọ́dọ̀ ju ìdá mẹ́wàá lọ lókè tàbí nísàlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bí ìròyìn ńlá bá dé, eré tó yẹ kó sá lọ́jọ́ kan lè pín sí ọjọ́ mẹ́ta, kí ROC ọlọ́jọ́ kan sì máa kọ mẹ́wàá, mẹ́wàá, mẹ́wàá.

Ó ku orúkọ tó ń dà wọ́n láàmú. Lórí TradingView, Momentum ni ìyọkúrò tí a ṣàlàyé lókè, ọjọ́ mẹ́wàá ló sì máa bá a wá bí ẹ kò bá yí i; ROC tiẹ̀ máa ń bá ọjọ́ mẹ́sàn-án wá. Lórí MetaTrader, Momentum kì í ṣe ìyọkúrò rárá. Wọ́n pín iye òní pẹ̀lú iye àtijọ́, wọ́n sì fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀, ọjọ́ 14 ni wọ́n sì ń lò láti ilẹ̀. Àárín rẹ̀ kì í ṣe òdo, 100 ni. Bí ẹ bá rí 104 níbẹ̀, ROC ìdá mẹ́rin lẹ rí, wọ́n kàn wọ aṣọ mìíràn fún un ni. Bí ẹni méjì bá ń jiyàn lórí Momentum, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan máa wo òdo, kí èkejì máa wo 100.

Kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ kan sílẹ̀ nítorí ìlà kan, ẹ mú bírò àti ìwé. Ẹ kọ iye ìparí ti òní sílẹ̀, ẹ ka ọjọ́ ọjà padà sẹ́yìn bí irinṣẹ́ ṣe kọ ọ́, ẹ kọ iye ọjọ́ yẹn náà, kí ẹ sì ṣírò rẹ̀ lọ́nà méjèèjì. Èyí tó bá bá ojú fóònù yín mu ni irinṣẹ́ tí ẹ ń lò, ohun yòówù kí orúkọ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ jẹ́.