Ìkànnì Ilé-Ẹ̀kọ́ṣẹ́ àti Owó Tí Wọ́n Ń San Díẹ̀díẹ̀

Lórí ìkànnì ilé-ẹ̀kọ́ṣẹ́, nǹkan méjì ló yẹ kó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: kọ́ọ̀sì, àti ọ̀wọ́ tó ń kọ́ ọ. Kọ́ọ̀sì ni iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ni. Ọ̀wọ́ ni àwọn tó jọ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ilé-ẹ̀kọ́ ìránṣọ kan ní Ìbàdàn lè máa kọ́ni ní rírán aṣọ obìnrin lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún. Kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo nìyẹn, ọ̀wọ́ mẹ́ta. Ohun tó wà nínú ẹ̀kọ́ náà kì í sábà yí padà, àmọ́ ọjọ́, àyè àti iye owó kì í dúró sójú kan.

Nítorí náà, kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan yẹ kó ní ojú-ìwé kan tí àdírẹ́sì rẹ̀ kò ní yí padà. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti sọ aṣọ tí akẹ́kọ̀ọ́ á lè dá rán tó bá parí, ohun tó máa mú wá láti ilé, iye ọ̀sẹ̀, iye owó, àti ohun tí owó náà kò kó mọ́ra. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ máa ń ṣí ojú-ìwé tuntun fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ọdún méjì, ẹni tó bá wá kọ́ọ̀sì náà lórí Google á bá ojú-ìwé mẹ́fà tí owó wọn kò bára mu, èyí tó sì kéré jù ló máa gbé wá bá akọ̀wé.

Ètò ọjọ́ ẹ̀kọ́ wà lára ọ̀wọ́. Ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ ìparí, àkókò àti iye àyè ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan; ojú-ìwé kọ́ọ̀sì á wá máa fa àwọn tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀. Bí ẹ̀rọ ìránṣọ bá jẹ́ 12, àyè 12 ló wà, kì í ṣe 15.

Ìforúkọsílẹ̀ ló so ènìyàn kan mọ́ ọ̀wọ́ kan. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti ọ̀wọ́ tí ó yàn ti tó nínú fọ́ọ̀mù. Ìbéèrè púpọ̀ a máa lé ènìyàn padà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìkànnì gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀: iye owó tí wọ́n jọ fẹnu kò sí lọ́jọ́ náà. Bí kọ́ọ̀sì bá ti ₦180,000 lọ sí ₦210,000, tó sì jẹ́ pé ojú-ìwé kọ́ọ̀sì ni ìkànnì ti ń wo iye náà, ẹni tó ti san gbèsè tán á tún jí rí i pé òun jẹ ₦30,000.

Ara ìforúkọsílẹ̀ náà ni ìsanwó díẹ̀díẹ̀ so mọ́. Bí àpẹẹrẹ, ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ 12 tó jẹ́ ₦180,000 lè bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2027, tó jẹ́ ọjọ́ Ajé. Akẹ́kọ̀ọ́ á san ₦80,000 kó tó gba àyè, ₦50,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ìyẹn ọjọ́ 8 oṣù Èrèlé, àti ₦50,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ọjọ́ 8 oṣù Ẹrẹ́nà. Láti ọjọ́ tí ọ̀wọ́ bẹ̀rẹ̀ ni ìkànnì ti ń ṣírò àwọn ọjọ́ yìí. Bí ara akẹ́kọ̀ọ́ kò bá yá, tó sì sún sí ọ̀wọ́ tó kàn, ọ̀wọ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n máa pààrọ̀: owó tó ti san á tẹ̀ lé e, ọjọ́ gbèsè á sì sún.

Owó kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé gbọ́dọ̀ ní ìlà tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó yẹ kó san ₦50,000 lè fi ₦30,000 ránṣẹ́. Bí ìkànnì bá ní kìkì àpótí “ó ti san” tàbí “kò tíì san”, irọ́ ni yóò pa, èyíkéyìí tí wọ́n bá yàn. Iye tó kù kò yẹ kó jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń tẹ̀ síbẹ̀. Àyọkúrò gbogbo ìlà owó kúrò nínú iye àdéhùn ni.

Bó bá jẹ́ Paystack ni wọ́n fi ń gba owó, kọ́bọ̀ ni wọ́n fi ń kọ iye, nítorí náà ₦80,000 á di `8000000`. Ẹni tí kò bá mọ èyí á gba ₦800. Akẹ́kọ̀ọ́ sì lè san tán kó pa fóònù kó tó dé ojú-ìwé ọpẹ́, nítorí náà kò yẹ kí ìkànnì gbára lé ojú-ìwé yẹn. Iṣẹ́ `charge.success` tí Paystack ń rán tààrà sí ìkànnì, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí i dájú pé òun ló rán an, ni kí wọ́n fi kọ owó sílẹ̀. Iṣẹ́ kan náà lè dé lẹ́ẹ̀mejì. `reference` tó wà nínú rẹ̀ ni wọn yóò fi mọ̀ pé wọ́n ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Paystack lè máa fa owó jáde látinú káàdì fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó fi tíránsífà san kò ní káàdì tí wọ́n máa fà, káàdì tó sì wà lè ṣófo lọ́jọ́ náà. Fún irú àwọn bẹ́ẹ̀, ìkànnì á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ gbèsè, pẹ̀lú iye tó kù gan-an àti ìlà tí wọ́n máa tẹ̀ láti san án.