Èló Ni Fámásì Kékeré Gbọ́dọ̀ Máa Tà Lójúmọ́?

Apòògùn tó fẹ́ dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀ sábà máa ń bi ara rẹ̀ pé èló ni òun máa fi bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú ìyẹn: èló ni ṣọ́ọ̀bù náà gbọ́dọ̀ máa tà lójúmọ́ kó tó lè bọ́ ara rẹ̀, kó sì tún bọ́ ẹni tó ni ín? Mo ti rí ṣọ́ọ̀bù tó kún fún oníbàárà láàárọ̀ lálẹ́ tó sì kógbá wọlé, torí pé ẹnikẹ́ni kò jókòó ṣe ìṣirò yẹn.

Ká kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń pe gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn òyìnbó ní kẹ́míìsì, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ méjì ló wà. Oníkẹ́míìsì kò ní láti jẹ́ apòògùn, àwọn oògùn wẹ́wẹ́ tí kò nílò ìwé dókítà nìkan sì ni òfin gbà á láyè láti tà, nínú páálí tí ilé iṣẹ́ fi dì wọ́n. Kò gbọ́dọ̀ gún èèyàn lábẹ́rẹ́. Fámásì ló lè ta oògùn tí dókítà kọ, apòògùn tó gboyè tí ìwé àṣẹ rẹ̀ ti ọdún yẹn sì pé ló gbọ́dọ̀ máa bójú tó o. PCN, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ lórí iṣẹ́ apòògùn, ló ń ṣàkóso méjèèjì. Òfin ọdún 2022 ló ń lò báyìí. Fámásì ni mo ń bá yín sọ níhìn-ín.

Orí ilé ni owó ti ń kọ́kọ́ ṣòfò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni PCN máa ń wá. Lákọ̀ọ́kọ́, wọn á wá wo ibi tí ẹ fẹ́ lò: ṣé ó jìnnà tó sí fámásì tó ti wà ládùúgbò náà, ṣé ó láyè tó, ṣé àyíká rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí ibẹ̀ tán lẹ óò tó kan pákó, ẹ óò tó kun ọ̀dà, ẹ óò sì tó ra ẹ̀rọ amúlétutù. Wọn á tún padà wá wo bí ẹ ṣe tún un ṣe kí wọ́n tó fún yín níwèé. Ẹni tó ti san owó ilé ọdún méjì, tó san ti ajẹ́ńtì, tó sì ti kan pákó yí ògiri ká kí wọ́n tó wá nígbà àkọ́kọ́, inú ewu ló wà. Bí wọ́n bá ní ibẹ̀ ti sún mọ́ fámásì ẹlòmíì jù, onílé kò ní dá owó padà. Ẹ bá onílé sọ ọ́ ní ọ̀nà pẹ̀lẹ́, kó gba owó díẹ̀ mú dání, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé bí PCN kò bá gba ibẹ̀, owó náà á padà.

Kí ẹ tó bá a dé ibẹ̀ pàápàá, ẹ mú tẹmómítà lọ sínú ṣọ́ọ̀bù náà ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, kí ẹ gbé e kọ́ ògiri fún wákàtí kan. Ọ̀pọ̀ páálí oògùn ló kọ ọ́ sára pé kí wọ́n má ṣe tọ́jú oògùn náà síbi tó gbóná ju ìwọ̀n 30 lọ. Ṣọ́ọ̀bù tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń kọjú sí, tí páànù sì wà lórí rẹ̀ láìsí sílìn, á kọjá ìyẹn lọ́sàn-án gangan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Owó iná tí ẹ óò fi tù ú lójú lóṣooṣù lè ju owó ilé lọ. Oògùn ìtọ̀ ṣúgà tí wọ́n ń gún, ìyẹn ínsúlìnì, kò gbọ́dọ̀ kúrò láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 kí wọ́n tó ṣí i, torí náà fíríìjì tí iná rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ láìní sólà tàbí ínfátà kò lè tọ́jú rẹ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri àwọn ilé tó wà nítòsí pẹ̀lú, bóyá omi ti fi àmì sí i rí. Àwọn ará Ìbàdàn tí ìkún omi ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 bá lẹ́bàá odò mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ti ìwé àṣẹ, ẹ óò kọ́kọ́ forúkọ òwò sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, ẹ óò wá lọ sọ́dọ̀ PCN. Apòògùn kan gbọ́dọ̀ jẹ́ alábòójútó ṣọ́ọ̀bù náà, kò sì lè máa ṣe alábòójútó méjì pọ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún ìwé ṣe, ti apòògùn lọ́tọ̀, ti ilé lọ́tọ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ wà fún àwọn oògùn tí òfin dè, ìwé tí ẹ ń kọ orúkọ ẹni tó rà wọ́n sí náà sì gbọ́dọ̀ wà.

Àṣà burúkú kan wà tí àwọn apòògùn fúnra wọn mọ̀ dáadáa. Olówó kan tí kì í ṣe apòògùn á yá ìwé àṣẹ apòògùn lò, á máa sanwó fún un lóṣooṣù, apòògùn náà kò sì ní yọjú síbẹ̀ bí kò ṣe ọjọ́ tí àwọn alábẹ̀wò bá ń bọ̀. Ọmọbìnrin tó jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ló máa wà nídìí káńtà tí yóò máa fún aboyún lóògùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ apòògùn, ẹ má gba irú owó bẹ́ẹ̀. Bí oògùn bá ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, orúkọ yín ló wà lára ògiri, ìwé yín sì ni PCN máa gbà.

Níbi ọjà ríra ni ọkàn mi wà jù. Ọ̀nà méjì ló wà láti ra oògùn: ẹ lè rà á lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe é tàbí alágbàtà ńlá tó níwèé àṣẹ, ẹ sì lè lọ rà á ní ọjà gbangba bí Ìdúmọ̀tà. Owó ọjà gbangba máa ń dínkù, ìdí sì nìyẹn tó fi ń wu èèyàn. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, NAFDAC ti Ìdúmọ̀tà àti àwọn ọjà oògùn Ọ̀nìṣà àti Àbá pa torí ayédèrú oògùn àti oògùn tí wọ́n kó jọ sínú ooru.

Nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára páálí dára, ṣùgbọ́n kò tó. Láàárín ìparí ọdún 2008 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2009, oògùn eyín ọmọdé tí wọ́n ń pè ní My Pikin pa ọmọ 84 ní Nàìjíríà. Oògùn náà ní nọ́ńbà. Èròjà kan tí wọ́n fi pò ó ni wọ́n rà lọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ kí wọ́n rà á lọ́wọ́ rẹ̀, májèlé sì ni. Ohun tó ń dáàbò bo oníbàárà ni pé kí ẹ lè tọ́ka ọ̀nà tí páálí kọ̀ọ̀kan gbà dé ọ̀dọ̀ yín. Ìdí nìyẹn tí risíìtì fi ṣe pàtàkì. Risíìtì tó péye ní orúkọ alágbàtà, orúkọ oògùn, nọ́ńbà báàṣì àti ọjọ́ tí agbára oògùn náà máa tán. Bí nọ́ńbà báàṣì orí páálí bá yàtọ̀ sí ti orí káàdì oògùn tó wà nínú rẹ̀, ẹ má gbà á. Bí owó rẹ̀ bá fi ìdá mẹ́ta dínkù sí iye tí gbogbo alágbàtà yòókù ń tà á, ẹ béèrè ìdí kí ẹ tó yọ̀.

Ohun kejì tó yẹ kí ẹ bá alágbàtà sọ ni ọjọ́ ìparí. Àwọn tó ń polówó oògùn mọ bí wọ́n ṣe ń fa ojú apòògùn tuntun mọ́ra: ra ogójì ìgò, gba mẹ́rin lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wo ìgò náà, oṣù mẹ́fà ló kù fún un. Bí ṣọ́ọ̀bù yín bá ń ta mẹ́rin lóṣù, ìgò 24 lẹ óò tà, 20 á sì kù sílẹ̀ tí ẹ kò gbọ́dọ̀ tà, tí ẹ kò sì gbọ́dọ̀ dà sí ààtàn, torí ọ̀dọ̀ NAFDAC ni wọ́n ti ń pa á run. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá wọ́n ń gba ọjà padà kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀.

Ó ku ti èrè. Ẹ jẹ́ ká mú ṣọ́ọ̀bù kan ní Òṣogbo ṣe àpẹẹrẹ. Apòògùn náà ra oògùn kan ní ₦3,000, ó fi ₦1,000 lé e, ó tà á ní ₦4,000. Ìdá mẹ́ta owó tó fi rà á ló fi lé e, ṣùgbọ́n nínú owó tó wọlé, ìdá mẹ́rin péré ni èrè. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á rò pé nínú ₦100,000 tí àwọn pa lónìí, ₦33,000 jẹ́ tàwọn, bẹ́ẹ̀ ₦25,000 ni.

Nínú èrè yẹn, owó ilé rẹ̀ jẹ́ ₦50,000 lóṣù, iná àti epo ₦80,000, àwọn òṣìṣẹ́ méjì ₦140,000, owó ìwé àṣẹ àti òǹtẹ̀ wẹ́wẹ́ ₦15,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦285,000. Bí ó bá fẹ́ san ₦200,000 fún ara rẹ̀, ó di ₦485,000. Nínú gbogbo ₦100 tó bá tà, ₦25 ni èrè, ká sì yọ ₦2 fún oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ máa pé sí i lọ́wọ́, ó ku ₦23. Láti rí ₦485,000, ó gbọ́dọ̀ tà tó ₦2,110,000 lóṣù, ìyẹn nǹkan bí ₦81,000 lójúmọ́ fún ọjọ́ 26. Bí ó bá ń dín owó fún gbogbo ẹni tó bá bẹ̀ ẹ́, tí èrè fi wálẹ̀ sí ₦20 nínú ₦100, ó di nǹkan bí ₦104,000 lójúmọ́.

Iye kan náà kọ́ lẹ óò fi lé gbogbo ọjà. Gbogbo àdúgbò ló mọ iye parasítámọ̀ àti oògùn ibà, ẹ fi díẹ̀ lé e. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà, ẹ fi díẹ̀ lé e, torí ẹni tó ń lò ó á padà wá lóṣooṣù bí ó bá rí i pé ẹ kò rẹ́ òun jẹ. Fítámì, ìpara àti nǹkan ọmọ ọwọ́ lè ru èrè tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ sì máa wo owó tí ẹ óò fi ra òmíràn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ GSK kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 pé òun ń fi Nàìjíríà sílẹ̀, owó àwọn oògùn rẹ̀ bíi Ventolin fò sókè. Ẹni tó ta páálí mẹ́wàá oògùn ₦3,000 ní ₦4,000 rí ₦40,000, inú rẹ̀ sì dùn. Bí ó bá padà dé ọ̀dọ̀ alágbàtà tó bá a ní ₦4,800, mẹ́jọ ni owó náà máa rà. Ẹ pe alágbàtà kí ẹ tó ta èyí tó kẹ́yìn lórí pákó.

Oṣù àkọ́kọ́ kì í sábà pa ₦81,000 lójúmọ́, ìkejì náà kì í sábà pa á. Yàtọ̀ sí owó ọjà, ẹ ya ìnáwó oṣù mẹ́fà sọ́tọ̀ sí báǹkì, nínú àpẹẹrẹ yìí ₦1,710,000, láìka owó oṣù tiyín. Bí ẹ kò bá tíì ní in, ẹ dúró kí ẹ tó ṣí i.