Kẹ́ ẹ tó kọ "Sùn un re o"

Ọ̀rẹ́ mi kan ṣàdédé kú lẹ́ni ọdún 26. Kí àwọn àgbà tó dé ọ̀dọ̀ màmá ẹ̀ láti tú ọ̀fọ̀, ẹnì kan ti gbé fọ́tò ẹ̀ sórí Fesibúùkù. Orí fóònù ni màmá ti rí i.

Nítorí náà, kí n tó kọ tèmi, mo pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọ̀fọ̀. Ṣé mo lè kọ nǹkan? Fọ́tò wo ni kí n lò?"

Mi ò dárúkọ àìsàn, mi ò dárúkọ ọsibítù. Ohun tí mo kọ ò ju èyí lọ: "Tójò bá ń rọ̀, ó máa ń dúró dè mí ní bọ́sítọ́ọ̀pù. Àárò ẹ̀ ń sọ mí."

Àwọn kan bi mí pé kí ló pa á. Mo fèsì pé: "Ẹbí ló ni ìyẹn láti sọ."